Ìdí Tí Mo Fi Fi 300 Kún Kálórì Yín

Obìnrin kan tí mo ń tọ́ sọ́nà ní jíìmù ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, ní òpin oṣù kìn-ín-ní tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní gbà ju gbólóhùn méjì lọ, àmọ́ nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, mo rí i pé èmi náà ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó gbà kí n gbé e síta. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àti ohunkóhun tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín lálẹ́ àná, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ ní: “Kóòṣì, odindi oṣù kan ni mo fi ń febi pa ara mi, òṣùwọ̀n kọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá ní kí n máa jẹun sí i. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún sanra sí i ni?” Ẹ má bínú pé ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi kálórì kún oúnjẹ ẹni tó fẹ́ jò láì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yẹ kí wọ́n bi í léèrè. Láti 1,400 sí 1,700 lójúmọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tẹ́ gbogbo ìṣirò náà sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dúró tàbí kò dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú oúnjẹ tuntun yìí, mo ní kí ẹ máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, kí ẹ tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Nígbà tí a ṣe ìpíndọ́gba ọjọ́ méjèèje, kílò 82.4 ló jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìpíndọ́gba yín di 81.7, ní ọ̀sẹ̀ kejì, 81.5, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó padà sí 81.7, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jẹ́ 81.6. Lápapọ̀, kílò 0.8 ni a rí yọ ní ọjọ́ 28, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀rá. Bí ènìyàn bá dín oúnjẹ kù lójijì, omi ló máa ń kọ́kọ́ jáde lára rẹ̀, oúnjẹ tó wà nínú ìfun náà á sì dín kù.

Kí ni mo retí? Gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí yín, gíga yín, ìwúwo yín àti bí ẹ ṣe ń rìn nígbà náà, mo ṣírò rẹ̀ pé ara yín ń ná bíi kálórì 2,150 lójúmọ́. Mo fún yín ní 1,400. Àlàfo àárín méjèèjì jẹ́ 750, tí a bá sì sọ ọ́ di ọjọ́ 28, ó di 21,000. Kílò kan ọ̀rá ara ènìyàn dúró fún bíi kálórì 7,700, nítorí náà ó yẹ ká rí kílò 2.7 yọ. A rí 0.8. Bí mo bá gba 0.8 yẹn ní ọ̀rá látòkèdélẹ̀, tí mo sì ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn, ohun tó ń sọ fún mi ni pé àlàfo tó wà lóòótọ́ láàárín ohun tí ẹ ń jẹ àti ohun tí ara yín ń ná kò ju bíi 220 lójúmọ́ lọ. Ibo ni 530 tó kù wọlé sí? Ìbéèrè tó gbé mi sùn nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kí n tó dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi dákẹ́ títí oṣù fi pé, nítorí mo mọ̀ pé ó dùn yín pé n kò yí nǹkan kan padà ní ọ̀sẹ̀ kejì nígbà tí ẹ ti ń ráhùn. Fún obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, omi ara máa ń pọ̀ sí i ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù, ó sì lè fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún òṣùwọ̀n láìsí pé ọ̀rá kankan wọlé. Bí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kejì wé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń fi òjò wé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọjọ́ 28 ni nǹkan oṣù yín máa ń gbà, ọ̀sẹ̀ kẹrin bọ́ sí ibì kan náà tí ọ̀sẹ̀ ìpìlẹ̀ wa bọ́ sí. Ìfiwéra méjèèjì yìí nìkan ni mo lè gbọ́kàn lé, òun ló sì jẹ́ kí n gbà pé lóòótọ́ ni nǹkan ń falẹ̀, kì í ṣe omi ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ti sọ fún mi pé ẹ rò pé ara yín ti “ti ilẹ̀kùn,” pé nítorí oúnjẹ kéré jù ni ara ṣe ń di ọ̀rá mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kóòṣì kan sì ń fi ṣàlàyé ìdí tí àwọn fi ń fi oúnjẹ kún. Yóò rọrùn fún mi láti gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí yóò mú kí 300 tí mo fi kún un dà bí oògùn. N kò gbà á. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minẹsótà fún ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn ní oúnjẹ tí kò ju bí ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ, fún oṣù mẹ́fà. Ara àwọn ọkùnrin náà kò ti ilẹ̀kùn kankan. Wọ́n jò títí wọ́n fi pàdánù bí ìdá mẹ́rin ìwúwo wọn. Òótọ́ ni pé ohun tí ara wọn ń ná lójúmọ́ dín kù gan-an, ṣùgbọ́n lára ohun tó fà á ni pé ara tó kù láti bọ́ ti kéré, àti pé àwọn fúnra wọn kò fẹ́ mira mọ́: wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dùbúlẹ̀, nǹkan tí wọn ì bá sáré ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ sí. Ẹ fi ohun tó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i. Ní tiyín, oṣù kan péré, pẹ̀lú kílò 0.8, kò lè mú kí ara dín ìnáwó rẹ̀ kù tó 530. Kò ṣeé ṣe.

Bí kò bá ṣeé ṣe, a jẹ́ pé oúnjẹ tó wọlé ju èyí tó wà nínú ìwé lọ. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí lè dà bí ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí kan ní Niu Yọ́ọ̀kì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí àwọn ènìyàn 10 tí wọ́n ní àwọn kò jẹ tó kálórì 1,200 lójúmọ́, síbẹ̀ tí àwọn kò jò. Omi tí wọ́n sàmì sí lọ́nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí àwọn ènìyàn náà mu, ni wọ́n fi wọn ohun tí ara wọn ń ná, kò sì sí ohun tó ṣe ara wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé, ní ìpíndọ́gba, àwọn ènìyàn náà kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ ní bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ohun tí wọ́n jẹ ní tòótọ́. Kì í ṣe òpùrọ́ ni wọ́n. Ìrántí ènìyàn kò dára fún kíka oúnjẹ, ojú wa kò sì dára fún wíwọ̀n ọ́n.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ní kí ẹ gbé ẹ̀pà lílọ̀ yín wá. Nínú áàpù yín, ẹ máa ń kọ ṣíbí kan, áàpù á sì ka gíráàmù 16, kálórì 95. Mo gbé òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná sórí tábìlì, mo gbé àwo lé e, mo tẹ bọ́tìnì kó padà sí òdo, mo ní kí ẹ bù ú bí ẹ ṣe máa ń bù ú nílé. Ẹ bù ú, ó kó jọ gègèrè lórí ṣíbí, ẹ sì fi ìka gbá èyí tó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ sínú àwo. Òṣùwọ̀n kà 34. Ẹ wò mí, mo wò yín, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kálórì 200 nìyẹn dípò 95, nínú ṣíbí kan ṣoṣo, ẹ sì ń jẹ ẹ́ láràárọ̀. Síbẹ̀, n kò fẹ́ ká di gbogbo ẹrù lé ẹ̀pà lílọ̀ lórí. Bíi 100 lójúmọ́ ló gbé wọlé, ó sì ṣẹ́ ku iye tó pọ̀.

Ohun tó fi ibi tí èyí tó kù wà hàn mí ni ìwé òṣùwọ̀n yín fúnra rẹ̀, tí mo ti ń wo ìpíndọ́gba rẹ̀ nìkan láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tò ó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni ìwúwo yín máa ń kéré jù, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló sì máa ń ga jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ 80.9 ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹ sì jẹ́ 82.5 ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ó dà bí eyín ayùn. Ọ̀rá kò lè fi kílò 1.6 wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ìyẹn yóò gba kí ẹ jẹ ohun tó lé ní kálórì 12,000 lórí ohun tí ara yín ń ná. Omi ni, àti ṣúgà tí ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, tí gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń fa bíi gíráàmù 3 omi mọ́ra, àti oúnjẹ tó ṣì wà nínú ìfun. Ṣùgbọ́n eyín ayùn kì í hù fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bára mu ní ọjọ́ méjèèje. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé oúnjẹ yín, mo rí i pé láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀ ni ó kún, tó ṣe rẹ́gí ní 1,380, 1,400, 1,410. Láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì dé Ọjọ́ Àìkú, ojú ewé wà ní òfìfo.

Nígbà tí mo bi yín léèrè, ẹ kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi, mo sì mọrírì rẹ̀. Ẹ ní bó bá di alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ebi tí ẹ ti ń gbé láti Ọjọ́ Ajé á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹ á jẹun alẹ́, ẹ á tún dìde lọ síbi ìkòkò, àti pé bó bá ti bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ á ní kó kúkú bàjẹ́ di Ọjọ́ Ajé. A jókòó pọ̀, a gbìyànjú láti rántí ọjọ́ mẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwo dé àwo, a sì rí bíi 2,300 lójúmọ́. Mo gbà pé ìdíwọ̀n lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bá òṣùwọ̀n mu: ọjọ́ mẹ́rin ní 1,400 jẹ́ 5,600, ọjọ́ mẹ́ta ní 2,300 jẹ́ 6,900, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,500 lọ́sẹ̀. Pín in sí ọjọ́ méje, ó di bíi 1,790. Iye oúnjẹ tí ẹ ń jẹ lójúmọ́ nìyẹn láìmọ̀, a kò tíì ka ti ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá jẹ 1,700 ní ọjọ́ méjèèje láì yẹ̀ jẹ́ 11,900. Ó fi 600 kéré sí 12,500 tí ẹ ń jẹ nígbà tí mo ń pe oúnjẹ yín ní 1,400. Iye tí mo kọ sínú ìwé ló ga sókè. Ohun tó ń wọ ẹnu yín lọ́sẹ̀ ni mo ń wá bí yóò ṣe wálẹ̀. Bí mo bá tún ní kí ẹ lọ sí 1,200, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe dábàá lánàá, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé Ọjọ́rú ni ebi yóò ti rọ́ dé dípò Ọjọ́ Ẹtì, a ó sì ní ọjọ́ márùn-ún òfìfo dípò mẹ́ta.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ẹsẹ̀ yín. Fóònù yín ń ka ìṣísẹ̀, ẹ sì fún mi láyè láti wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ ìpìlẹ̀, ẹ ń rin bíi 9,000 lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti di 5,500. Ẹ kò pinnu láti dín in kù, mo bi yín, ẹnu sì yà yín. Àwọn ọkùnrin Minẹsótà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni mo rántí: ara tí oúnjẹ kò tó fún kì í sọ fún ènìyàn pé òun fẹ́ sinmi, ó kàn máa ń jẹ́ kí àga dùn ún jókòó ni. Fún ẹni tó wúwo bíi tiyín, ìṣísẹ̀ 3,500 tó sọnù yẹn tó bíi kálórì 140 lójúmọ́. Èyí ló jẹ́ kí ohun tí ara yín ń ná wálẹ̀ láti 2,150 sí bíi 2,010. Ẹ yọ 1,790 kúrò nínú rẹ̀, 220 ló kù, iye kan náà tí òṣùwọ̀n ti sọ fún wa. Kì í sábà ṣe rẹ́gí báyìí, mo sì fura sí i díẹ̀ nítorí pé ó ṣe rẹ́gí jù, nígbà tí 100 ti ẹ̀pà lílọ̀ kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ́ka sí kò ṣòro láti rí.

Ẹ̀rí kẹta wà ní jíìmù, òun ni mo sì yẹ kí n ti rí ṣáájú gbogbo ìyókù. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ fi irin kílò 50 lóṣòó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe mẹ́jọ, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe mẹ́jọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, pẹ̀lú irin kan náà, ó jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́fà, márùn-ún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé bíi tiyín máa ń lágbára sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àní bó bá ń jò pàápàá. Tí agbára bá ń wálẹ̀ dípò kó máa gòkè, ó máa ń jẹ́ àmì pé oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́ kò tó, pàápàá nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ń lóṣòó, ní ọjọ́ kẹrin ebi. Mo rí i lójú mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo sì rò pé oorun ni kò tó yín.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú 1,400, èmi ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ní ọjọ́ kan tí ẹ fẹ́ kí aṣọ kan wọ̀ yín, mo sì fẹ́ kí ẹ rí àyípadà kíákíá kó má baà sú yín, mo wá yọ 750 lójú ẹsẹ̀ láì bi yín bí òpin ọ̀sẹ̀ yín ṣe máa ń rí. Lórí ìwé, ìṣirò náà dára. Fún ẹni tó ń jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó ń padà dé ní aago méje alẹ́, tí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kéré, kò dára rárá. Bí mo bá ti fún yín ní 1,700 láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹ ì bá ti sọ kílò kan àbọ̀ nù, a kì bá sì máa kọ lẹ́tà.

Ní ti 300 náà, n kò fẹ́ kí ẹ fọ́n ọn káàkiri àwo. Ibì kan ni mo fẹ́ kó wọlé sí: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi pé àárín aago mẹ́rin sí ìgbà tí ẹ bá délé ni ebi máa ń le jù, àti pé ìdúró ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun alẹ́. Kí oúnjẹ náà ní bíi gíráàmù 30 èròjà amúaradàgbà, kí èyí tó kù jẹ́ oúnjẹ afúnnilágbára bíi gíráàmù 45. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì jẹ́ kálórì 4, nítorí náà ó di 120 àti 180, ó pé 300. Èròjà amúaradàgbà yín á ti gíráàmù 85 lọ sí 115 lójúmọ́. Mo fẹ́ èyí nítorí pé ó máa ń pẹ́ nínú ju oúnjẹ afúnnilágbára lọ, àti nítorí pé pẹ̀lú irin gbígbé, òun ló ń ran iṣan lọ́wọ́ kó má bá ọ̀rá lọ. Èyí tó fi jẹ́ afúnnilágbára wà fún ọjọ́ tí ẹ bá ń lóṣòó. Oúnjẹ yòówù tí ẹ bá fẹ́ràn ni kí ẹ fi ṣe é, bó bá ṣáà ti gun òṣùwọ̀n kó tó wọ ẹnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ń kọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa ń jáde, n kò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ má lọ. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ 2,000 lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ 1,650 ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ á ṣì jẹ́ 11,900. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ mọ́ ni ojú ewé òfìfo. Bí ẹ bá jẹ 2,600 lọ́jọ́ kan, ẹ kọ 2,600. N kò ní bínú, n kò tilẹ̀ ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ àfi bí ẹ bá fẹ́. Ìṣirò tí n kò rí ni kò ṣeé tún ṣe.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín kó tó ṣẹlẹ̀, nítorí bí n kò bá kìlọ̀, ẹ ó rò pé mo ti bà yín jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tuntun yìí, àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì kò ní jẹ́ 80.9 mọ́. Ó lè jẹ́ 81.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ kò ní ti febi gbẹ omi ara yín fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó di Ọjọ́ Ẹtì. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ wò: bí ètò yìí bá ń ṣiṣẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ wálẹ̀ kúrò ní 82.5. Eyín ayùn náà á kúrú láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyẹn ni mo ń wá, kì í ṣe kílò. Bó bá ń kúrú, mo mọ̀ pé ọjọ́ méjèèje ti ń jọ ara wọn.

Ìdájọ́ gidi yóò wáyé ní ọjọ́ 28, nígbà tí nǹkan oṣù bá tún bọ́ sí ipò kan náà. Bí ẹ bá jẹ 1,700, tí ìṣísẹ̀ yín sì padà sí bíi 9,000, àlàfo wa yóò jẹ́ 450 lójúmọ́, yóò sì fún wa ní bíi kílò 1.6 lóṣù. N kò retí kó ṣe rẹ́gí. Bó bá ju kílò kan lọ, mo gbà á. Bí ìwé bá kún fún gbogbo ọjọ́, tí oúnjẹ gun òṣùwọ̀n, tí ẹsẹ̀ ń rìn, síbẹ̀ tí ìpíndọ́gba kò fi ìdajì kílò wálẹ̀, a jẹ́ pé 2,150 tí mo ṣírò ga jù fún yín, nítorí fọ́múlà tí mo lò máa ń ṣìnà fún àwọn kan. Nígbà náà ni n ó dín 100 tàbí 150 kù, yóò sì ní ìdí. Bí nǹkan oṣù yín bá dáwọ́ dúró, tàbí tí òtútù ń mú yín ṣáá, tí àárẹ̀ kò sì lọ pẹ̀lú oúnjẹ tó pọ̀ sí i yìí, ẹ má dúró dè mí, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ìyẹn ti kọjá agbára kóòṣì.

Mo ti yí iye náà padà sí 1,700 nínú áàpù yín. Lọ́jọ́bọ̀, a óò lo irin kílò 45 dípò 50, ká lè rí mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ẹ ti jẹ oúnjẹ aago mẹ́rin yẹn kí ẹ tó wá, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Kóòṣì yín.